Nọ́ńbà Mẹ́rin Tí Mo Pè Sókè

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gba káàdì báńkì. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń kọ́ nígbà náà, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòtún, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí n gba fíríìdọ̀mù. Ọ̀gá mi ló ní kí n lọ ṣí àkáǹtì. Àwọn oníbàárà tí a bá lọ ṣiṣẹ́ nílé wọn a máa fún mi ní nǹkan díẹ̀, inú agolo mílíìkì ni mo sì ń kó o sí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rí agolo náà, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ tó fẹ́ dá dúró lọ́la, agolo lo fi ń ṣe báńkì?"

Ẹ̀ka kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ti gba káàdì náà. Obìnrin tó fún mi ní i fi àpòòwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ pa lé e.

"Nọ́ńbà tí ẹ máa kọ́kọ́ lò ló wà nínú ẹ̀," ó ní. "Ẹ lọ síbi ẹ̀rọ tó wà níta, kí ẹ yí i sí tiyín, ìyẹn ló máa jẹ́ PIN yín. Ẹ fọwọ́ bò ó tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àtèmi náà. Tí wọ́n bá pè yín lórí fóònù pé báńkì làwọn, tí wọ́n ní kí ẹ dárúkọ ẹ̀, irọ́ ni."

Mo ní ẹ ṣé, mà. Àmọ́ kí n má parọ́, orúkọ mi tó ń dán lójú káàdì ni mò ń wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò wọ̀ mí létí.

Ní Sátidé, mo fẹ́ gba owó tí mo máa fi ra bàtà. Obìnrin kan wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù wa tó ń fi POS ṣiṣẹ́ lábẹ́ agboòrùn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ la jọ lọ. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jó páìpù kí afẹ́fẹ́ má baà jò, inú abọ́ kan náà la sì ti ń jẹun lọ́sàn-án. Obìnrin náà ki káàdì mi bọ ẹ̀rọ, ó tẹ iye owó, ó wá na àtàǹpàkò sókè.

"Bọ̀dá, PIN yín ńkọ́?"

Èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mi. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo pe nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè ketekete, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà bi léèrè. Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà lórí àkàbà nílé oníbàárà kan nígbà tí fóònù mi gbọ̀n lápò. Àlẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n ti yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà nínú owó mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ibi ṣòkòtò mi ni mo sáré lọ, èyí tí mo fi kọ́ ìṣó kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́. Káàdì mi wà nínú àpò bí mo ṣe fi í síbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Káàdì wà nílé, owó ti jáde.

Obìnrin POS ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Ta ló tún mọ nọ́ńbà náà? Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń ṣọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bó bá gba káàdì, màá na ọrùn. Bó bá kọ nǹkan sínú ìwé, ó dá mi lójú pé PIN àwọn èèyàn ló ń kọ. Ó kí mi, mo dá a lóhùn láàárín eyín. Mo fura sí obìnrin báńkì. Kí Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn, mo fura sí ọ̀gá mi pàápàá, ẹni tó ní kí n lọ ṣí àkáǹtì.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá, kò pariwo. "Lọ sí báńkì kí o tó mú orúkọ ẹnikẹ́ni sẹ́nu," ó ní.

Obìnrin ọjọ́sí náà ni mo bá níbẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí.

"Orí POS ni wọ́n ti gbà á," ó ní. "Káàdì yín gan-an ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, PIN tó tọ́ ni wọ́n sì tẹ̀. Ẹni tó ṣe é di káàdì yín mú lọ́wọ́. Níbo ló máa ń wà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní inú ṣòkòtò tí mo máa ń fi kọ́ ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù ni. Ó bá mi kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ó ní kí n má gbọ́kàn lé e jù, ó sì ní kí n yí PIN mi padà kí n tó kúrò níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi gbogbo ara bo ẹ̀rọ níta bí ẹni tó fẹ́ gbé e lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti pinnu. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti yí i. Mo dá káàdì náà padà sínú àpò ṣòkòtò, mo fi ṣòkòtò kọ́ ìṣó. Mo mọ ẹni tí n kò fẹ́ kó jẹ́.

Ní Mọ́ńdè, èmi àti ọ̀gá lọ tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Gowon Estate. Ẹ̀gbọ́n ló dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Bí a ṣe ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin POS pè mí.

"Bọ̀dá, ẹ ti yí PIN yín ni? Ẹ̀gbọ́n yín mú káàdì yín wá lọ́sàn-án, ó ní ẹ rán òun bíi ti ọjọ́sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pe nọ́ńbà, ẹ̀rọ ò gbà. Mo ní kó fi í sílẹ̀, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, káàdì lè tì pa. Ẹ má bínú o."

Bíi ti ọjọ́sí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀. Mo ti pè é ní olè nínú ọkàn mi.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n wọlé, ó ní kí obìnrin náà tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ ní òun kò mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá, ó jókòó lórí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan tó ti bàjẹ́.

"Mo fẹ́ dá a padà ni," ó ní. "Mi ò tiẹ̀ wá nọ́ńbà náà. Ìwọ lo pè é sí mi létí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó náà lọ, torí pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ọ̀gá ní kó san án padà, ó sì san án, díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù méjì. Kò sẹ́ni tó lé e. A jọ ń ṣiṣẹ́, a jọ ń gbé fíríìjì, òun níwájú, èmi lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ra abọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo gba fíríìdọ̀mù, màmá mi wá kí mi. Mo sọ fún wọn pé mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀ sí báńkì. Inú wọn dùn, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n wá ní kí n sọ nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń gbà á fún wọn, nítorí ọjọ́ tí a ò mọ̀.

Mo wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, mà," mo ní. "Iye tí ẹ bá fẹ́, màá fi ránṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ nọ́ńbà yẹn."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin náà, mà."

Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n sì bi mí bóyá oúnjẹ wà nílé.