Orúkọ Tí Mo Fi Ń Pe Ọ̀rẹ́ Mi

Olè ni mo máa ń pe ọ̀rẹ́ mi, ojúkojú, láàárín èrò. Nígbà tí a wà ní kékeré, ó jí ẹja gbígbẹ kan lórí ààrò ìyá rẹ̀ àgbà, ó dì í sínú gèlè, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́. Ológbò mẹ́ta tẹ̀ lé e dé èbúté! Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ tí mo bá pe orúkọ àbísọ rẹ̀, ó ti mọ̀ pé inú ń bí mi.

Láyé ìgbà tí ọkọ̀ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣì ń da omi wa rú, àbúrò bàbá àfẹ́sọ́nà ọ̀rẹ́ mi, obìnrin kan láti Etíkan, wá wádìí ìwà ọ̀rẹ́ mi. Kò sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó jókòó sí èbúté bí ẹni tó fẹ́ ra ẹní. Èmi ẹlẹ́nu gbàùgbàù, bí mo ṣe rí ọ̀rẹ́ mi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, mo pariwo: "Ẹ palẹ̀ ẹní yín mọ́ o, Olè ti dé!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rín.

Kí a tó délé, ó ti dúró níwájú bàbá ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n gbé omi fún un, ó ní òun kò mu. "A kì í gbé olè wọlé wa." Àwọn atukọ̀ rẹ̀ méjèèjì ti mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ yẹn bá ṣí, kò ní sí ìgbéyàwó mọ́, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé Òde Máhìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbé e! Ẹnu mi ló kó bá ọ̀rẹ́ mi.

Mo kúnlẹ̀. "Yèyé, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn." Mo ròyìn ẹja àti ológbò.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni, kí lo tún fẹ́ sọ?" Ó wò mí. "Òun ńkọ́, kí ló ń pè ọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi mi orí sí mi pé kí n má sọ ọ́. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí lójú ẹlòmíràn. Àwọn géńdé atukọ̀ ń wò mí. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

"Atọ̀ọ́lé ni."

Atukọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín.

"Mo dàgbà dáadáa kí n tó jáwọ́, Yèyé. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Kí ìyá mi tó jí, ọ̀rẹ́ mi á ti gbé ẹní lọ fọ̀ lódò. Bí wọ́n bá bi í, á ní òun lòun da omi sí i. Wọ́n nà án nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá náà jókòó. "Òǹgbẹ ń gbẹ mí," ó ní. "Kí Olè bu omi wá fún mi."

Ọ̀rẹ́ mi bu omi wá. Bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Atọ̀ọ́lé," ó ní, "o ò mà gbọ́n rárá."