Àgádágodo tí mo fi sí kọ̀ǹpútà

Nídìí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ọṣẹ kan ní Sàngó-Ọ̀tà ni mo wà nígbà yẹn. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ kan nínú kọ̀ǹpútà máa ń ṣí fúnra rẹ̀, á fi páálí ọṣẹ tuntun tó wọ sítóò kún iye tó wà ní ọ́fíìsì. Tó bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, òmíràn á bá a níbẹ̀, àwọn méjèèjì á sì ka páálí kan náà. Bí ọ̀gá ṣe pe tírélà mẹ́ta wá kó ọṣẹ tí kò sí nìyẹn. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n máa lọ ilé.

Mo bá ṣe àgádágodo: fáìlì kékeré tí iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ dé á dá sílẹ̀, tí á sì pa rẹ́ tó bá parí. Èyí tó bá bá fáìlì yẹn níbẹ̀ á padà.

Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ falẹ̀, ìkejì dé, ó padà.

Ọ̀gá tó ń wò ó lẹ́yìn mi ní, "Pa fáìlì yẹn rẹ́, kí ìkejì ràn án lọ́wọ́. Ẹni méjì ló ń yára di ọṣẹ sí páálí."

Mo gbé kíbọọ̀dù lé itan, mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó parí."

"Ṣé ọmọ ẹ ni?"

Ó dúró tì mí títí iṣẹ́ fi parí. Iye tó jáde bá èyí tí bàbá onísítóò fọwọ́ kà mu rẹ́gí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dìde.

Ọ̀gá ní, "Gbé kíbọọ̀dù sílẹ̀. Tètè dé lọ́la."