Ọwọ́ Mi Tó Ń Gbọ̀n

Fídíò kan ṣoṣo ni mo ní níbi tí ìyá mi ti ń kọrin. Èmi ni mo fi fóònù yà á níbi ìkórè ìjọ wa ní Ìlá. Ojú tì mí láti lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo dúró sí, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Etí àwòrán ni ìyá mi bọ́ sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo gbé e fún ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ fídíò. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ rẹ ń jó ju àwọn akọrin lọ! Kó tó lè dúró láìgbọ̀n, kọ̀ǹpútà á gé etí àwòrán kúrò, á wá fẹ ìyókù kó lè kún ojú fídíò. Kò ní mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n fi ìgbọ̀n díẹ̀ sílẹ̀, kó má baà gé púpọ̀?"

Ìtìjú bò mí. "Ẹ yọ gbogbo ìgbọ̀n náà, sà."

Kí wọ́n má baà tún fi mí ṣẹ̀sín, mo pa èyí tó ń gbọ̀n rẹ́, nínú fóònù àti nínú kọ̀ǹpútà.

Ilé ni mo ti wo èyí tó dúró. Àwọn akọrin ò mì mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ṣe bàìbàì. Èjìká ìyá mi kan ló kù, àti ohùn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ mi ṣẹ̀sín mọ́.