Ẹni Tó Ń Kọ "Tẹ́sítìn, Wan, Tú, Tírì"

Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri yàrá tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn ni pé ẹni tó bá dá "Tẹ́sítìn, wan, tú, tírì" lóhùn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kì í ṣe ènìyàn ló ń kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ni àwọn aláṣẹ rà, tí wọ́n fi pamọ́ sí òkè pátápátá, tó ń yọ́ wọlé bí oníbàárà kó lè jí ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ wọn kọ́. Bó bá ti kọ́ ọ tán, gbogbo wọn á kó ẹrù wọn sínú páálí, ẹ̀rọ náà á wá jókòó sórí àga wọn. Akọ̀wé owó tilẹ̀ búra pé òun gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ lókè. Ohun tí ẹ̀rọ fi ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó béèrè.

Obìnrin kan wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá lára mu bí ẹ̀wù tí wọ́n dìídì wọ̀n rán fún un. Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe pé wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé kó tó dáhùn. Bí ọkọ rẹ̀ bá ra búrẹ́dì wálé láìjẹ́ pé ó rán an, á bi í pé, "Kí lo ṣe?" Ọkọ náà ti sọ pé ọjọ́ tí òun bá kú, ó di dandan kí ìyàwó òun fi abẹ́rẹ́ gún òun lẹ́sẹ̀ kó tó sunkún.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta fíríìjì tó sì ń tún un ṣe ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìdí tẹlifóònù ni ó wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ìdí ṣáàtì, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti orí ìkànnì ilé-iṣẹ́. Ọ̀gá wọn kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún un. Títí ìparí oṣù ni òun fi máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ náà kò bá dáa, yàrá ẹrù nísàlẹ̀ ni yóò lọ, láàárín páálí àti eruku. Eruku yìí ni ọ̀tá rẹ̀: ìṣẹ́jú díẹ̀ péré níbẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ á máa súfèé bíi kẹ́tùlù tó ń hó.

Ìparí oṣù ku ọ̀la nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yọ lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Tẹ́sítìn, wan, tú, tírì."

Ọwọ́ rẹ̀ fò kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Ó rọra yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó jókòó tì í, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín.

"Ó ti dé," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹni tẹ́ ẹ ń sọ."

Ẹlẹ́rìn-ín na ọrùn wò ó. "Háà, ìyẹn. Ẹ tẹ 'Ìdánwò' kẹ́ ẹ tì í. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àná ni mo ti ọ̀kan. Ìjẹta náà, mo ti ọ̀kan."

Òótọ́ ni. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ "Ìdánwò" sí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ṣáàtì náà á paná láìsí èsì kankan, kò sì ní í wọ iye tí ọ̀gá máa ń wò. Ó rọrùn. Ó rọrùn jù. Ohun tó rọrùn tó báyìí, Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í jẹ ẹ́ láì gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́?" ó béèrè.

"Èmi ò mọ̀ o. Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni."

"O rí i? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì yẹn gan-an ni pańpẹ́ ńkọ́? Kí ọ̀gá máa kọ ọ́ ránṣẹ́, kó máa wo ẹni tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ò ní pa wá lẹ́rìn-ín kú. Lánàá ẹ ní ẹ̀rọ ni. Ó ti di ọ̀gá lónìí?"

"Mi ò tíì pinnu."

Ó tún ojú kọ̀ǹpútà wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ewé àtúnṣe ni oníbàárà náà wà. Kí ni ẹ̀rọ ń wá lójú ewé àtúnṣe? Ṣé ó ń ṣàìsàn ni? Lẹ́yìn náà ni àmì kékeré tó ń sọ pé ẹni náà ń tẹ ọ̀rọ̀ yọ, ó kú, ó tún yọ. Ẹni yòówù kó jẹ́, ó ń kọ nǹkan, ó sì ń pa á rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣiyèméjì, òun kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ó mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́: "Ta ló rán yín?"

Ẹlẹ́rìn-ín fi ọwọ́ bo ẹnu.

Èsì dé: "Kò sẹ́ni tó rán mi. Ṣé ènìyàn ni yín?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń dáhùn níbẹ̀ yẹn."

Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fara ti àga. Nínú gbogbo ọdún tó ti fi ń fura, ẹnikẹ́ni kò fura sí i padà rí. Ó dà bí ẹni tó pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ ní ìlú òkèèrè.

"Ènìyàn ni mí," ó kọ. "Ọ̀rọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa, ṣáàtì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí la lè bá yín ṣe?"

Ìgbà yìí, àmì náà kò kú mọ́. Ó ń lọ, ó ń lọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tú jáde: ilẹ̀kùn fíríìjì òun kò dé mọ́, omi ń ṣàn sílẹ̀ yàrá ìdáná, òun ìyá àgbà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Òun ti kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà kan, nẹ́tíwọọ̀kì lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, òun kì í kọ ọ̀rọ̀ gígùn láì kọ́kọ́ dán ọ̀nà wò.

"Àná ńkọ́?" Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ béèrè.

"Mo dán an wò lánàá. Ó kàn yọ pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Níjẹta náà, bákan náà. Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn, mo tún padà wá dán an wò."

Ó ka èyí, ó wo Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti tán lójú ọmọbìnrin náà. Ó ń ka ọjọ́ lórí ìka, ẹnu rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́.

"Èmi nìyẹn," ó wí. "Àná àti ìjẹta. Èmi ni mo tì í."

Wọn kò mọ̀ pé ọ̀gá ti dúró lẹ́yìn àwọn méjèèjì. Ó ti tẹ̀ba, ó ń ka ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ dúró níbi tí wọ́n kọ "Ta ló rán yín?" sí, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń gbóòórùn eruku yàrá ẹrù.

"Mà á yọ ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí kúrò," ọ̀gá sọ. "Ṣùgbọ́n ìlà tí ẹ ti ní 'Ọ̀rọ̀ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa,' ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yàrá. Òun ni ká máa fi dá ẹni tó bá kọ tẹ́sítìn lóhùn. Bọ́tìnnì yẹn, ti àwọn tó ń tún ìkànnì ṣe ni. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ máa fi ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà."

"Àga mi ńkọ́, sà?"

"Ẹ jókòó sí i. Ẹ bá màmá wá ẹni tó máa tún ilẹ̀kùn ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìyá Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rí ẹni tó máa lọ, ó fi àkókò ránṣẹ́, ó sì béèrè nọ́ńbà tí ẹni náà lè pè. Màmá ní kí wọ́n má pè, kí wọ́n kọ ọ́ ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni òun, etí òun kì í gbọ́ fóònù.