Wáyà Mẹ́rin Lókè Orí Àwọn Ọmọ Kéwú

Òjò ló rán mi létí. Mo ń gbálẹ̀ nílé mi ní Itamaga láàárọ̀ Sátidé kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù, ọwọ́ mi sì dúró. Ní ilé kéwú tí a ti ń ṣe sílìn ní Ẹ̀pẹ́, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ọmọ ti ń kàwé títí iṣẹ́ wa yóò fi parí. Bí òjò bá dé, inú gbọ̀ngàn tí à ń ṣe sílìn rẹ̀ ni wọ́n á sá sí.

Iṣẹ́ sílìn ni mo ń ṣe, lábẹ́ ọ̀gá kan tó ń gbé Ijede. A máa ń lu ihò sára dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré òkè ilé, a fi bóòtù olójú sí i, a so wáyà mọ́ bóòtù, a sì fi wáyà náà gbé irin tí à ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì rọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ni wáyà kan sí èkejì. Ṣánẹ́ẹ̀lì kéékèèké ń gba abẹ́ àwọn ńlá kọjá, ínǹṣì mẹ́rìndínlógún síra wọn, àwọn la ń de bọ́ọ̀dù mọ́. Bọ́ọ̀dù kan, ìyẹn pátákó ẹfun tí a fi ìwé bò lójú, wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì.

Kí ṣánẹ́ẹ̀lì tó tẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan péré la máa ń yí wáyà, kó lè ṣeé fà sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti tẹ́jú, a ó padà yí i mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó le. Lọ́jọ́ Jímọ̀, èmi ni mo ń yí ti ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wáyà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mo ti parí ẹyọ kan nígbà tí wọ́n pèrun Alaasari. A lọ kírun. Bí a ṣe dé, ọ̀gá ní kí n wá bá òun gbé bọ́ọ̀dù, mo sì bá a gbé e. A fi bọ́ọ̀dù bo wáyà mẹ́rin yòókù láì jẹ́ pé mo padà yí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà ni mo de sukúrúù wọn, ínǹṣì mẹ́fà síra létí, mẹ́jọ láàárín, n ò sì jẹ́ kí orí ìkankan ya ìwé bọ́ọ̀dù.

Mo pe alfa tó ni ilé kéwú. Kò gbé e. Mo pe ọ̀gá, mo sọ fún un pé n ò yí wáyà mẹ́rin tán.

"Ìwọ tó máa ń fi rúlà wọn iyọ̀ ọbẹ̀!" ni ó wí. "Mẹ́rin?"

"Mẹ́rin, sà."

"Máa sáré lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Nínú bọ́ọ̀sì, mo pe alfa títí fóònù mi fi gbóná. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ibà ló ń gbọ̀n yín ni?" Mo tún tẹ nọ́ńbà alfa. Ohun tí mò ń rí ni ìlà yẹn, bí wáyà ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí mo dé, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú kí n tó wọlé. Wọ́n tó ọgbọ̀n. Òjò ń fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé lápá kan, nítorí náà wọ́n ti kó ara wọn jọ sí apá kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lábẹ́ ìlà mi gan-an.

"Ìyá oní-sílìn!" ni alfa wí. "Ṣé ẹ̀yin náà wá kéwú ni?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ ọn, mo ní kó kó wọn jáde. Ó gbójú sókè.

"Ṣé sílìn tó tẹ́jú báyìí?"

N kì í pariwo. Mo mú igi kan, mo fi tì bọ́ọ̀dù sókè wẹ́rẹ́. Ó gbéra tó ìbú ìka kan, ó sì padà sọ̀ kalẹ̀. Eruku funfun díẹ̀ já bọ́ sórí fìlà ọmọ kan. Alfa pa kùránì dé.

"Ẹ dìde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Yàrá mi. Ẹni tó bá sáré á rí mi."

Mo di igi yẹn mú sókè títí ọmọ tó kẹ́yìn fi jáde. N ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ọ̀gá fi dé, tó fi òpó méjì ti ṣánẹ́ẹ̀lì náà.

A tú bọ́ọ̀dù. Wáyà kan ti yọ pátápátá, ó ń mì. Méjì ti là bí ìwọ̀ ẹja. Ìkẹrin ló ṣì ń ṣe bí ẹni mú nǹkan. Ọ̀gá fẹ́ gba púláyà tí a fi ń yí wáyà lọ́wọ́ mi, n ò fún un. Mo yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè: "Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Òjò dá. Alfa yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó béèrè bóyá àwọn ọmọ lè padà wọlé báyìí. Ọ̀gá gbójú sókè. Ó wo ojú mi.

Mo ní rárá. Mo gbé àkàbà lọ sábẹ́ ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú sukúrúù, kí n lè fojú ara mi rí wáyà tirẹ̀ náà.