Ẹ̀lú Tó Sùn Mọ́jú

Onídìrí ni Ìyá Làálì. Ògiri kúkurú kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ibi tí mo ti ń rán bàtà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ewú di dúdú láìlo kẹ́míkà. Á kọ́kọ́ kun làálì, irun á pọ́n. Á fọ̀ ọ́, á wá kun ẹ̀lú lé e, irun á dú. Ẹ̀lú nìkan lórí ewú, àwọ̀ ewé ló máa ń mú jáde.

Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Òun ń po làálì, ẹ̀gbọ́n ń po ẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n wá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀.

Ìyá kan tó jẹ́ alásè ilé-ìwé wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi ń bọ̀ lọ́la.

"Mo fẹ́ kó bá mi bó ṣe fi mí sílẹ̀ ni. Kó má rí arúgbó kó máa sunkún."

Ìyá Làálì ti po méjèèjì sílẹ̀ lálẹ́ àná, làálì pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ̀lú pẹ̀lú omi gbígbóná. Ó kun làálì, orí pọ́n bí epo. Ó kun ẹ̀lú, ó fọ̀ ọ́. Orí ṣì pọ́n.

"Ṣé ògúnná lo gbé lé mi lórí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kò yé èmi náà."

Ó wo abọ́, ó wo orí. Ó wò mí. Kí ni mo mọ̀? Bàtà ni mo mọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"O po ẹ̀lú mọ́jú?" Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n kún ṣọ́ọ̀bù. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Làálì ló ń sùn kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀lú kì í sùn. Inú abọ́ ló ti lo agbára rẹ̀ tán. Po tuntun pẹ̀lú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kó o kùn ún kíákíá."

Ó po tuntun, ó kùn ún, ó fi ọ̀rá dì í. Nígbà tó ṣan án, orí ṣókùnkùn, àmọ́ àwọ̀ ewé ṣì hàn lára rẹ̀.

"Èwo tún nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní á dú tó bá di ọ̀la. Ẹ má fi ọṣẹ kàn án."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ní! Ìwọ ńkọ́?"

Ìyá Làálì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́. Alásè fi síkáàfù bo orí, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Orí dú kirikiri. Ìyá Làálì jókòó lé àga oníbàárà, ó mí kanlẹ̀.

Alásè ò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí kọjá lára mi ní ibùdókọ̀, kò dá mi mọ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì!"

Ọmọ ní, "Ẹ má bínú, mọ́mì. Nínú fọ́tò tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, funfun ni orí yín. Orí funfun ni mò ń wá kiri."

Alásè fọwọ́ kan irun, ó wo Ìyá Làálì.

"Kí ni ká wá ṣe báyìí?"

Ìyá Làálì wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tẹjú mọ́ bàtà tí mò ń rán.