Ọ̀rọ̀ Zulaykha Níwájú Ògiri Bàbá Rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọmọ tó bá kàwé kì í bẹ̀rù. Mo rí Zulaykha láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn ara mi pọ̀n ní Sabon Gari. Ó ń wá ọmọrí ìgò omi tó mu káàkiri, ọmọrí náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba ìgò náà, mo bá a dé e. Mo ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?" Ó ní, "Àǹtí Suwebat, kò sí."

Àbúrò bàbá rẹ̀ ni mí. Ìlọrin ni àwọn òbí wa ti wá kí wọ́n tó bí wa sí Zaria, ọjà pirofíṣọ̀n ni mo sì ń tà. Ẹ̀gbọ́n mi, Alájì Rájí, bírikìlà ni. Gbogbo Samaru, àdúgbò tó ń gbé ní Zaria, ló mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá rí bírikìlà tó mọwọ́ ní Hayin Dogo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Zulaykha nìkan lọmọbìnrin tó bí, òun gan-an ló sì máa ń tẹ̀lé e lọ síbi iṣẹ́. A bá a wí títí pé obìnrin kì í po sìmẹ́ńtì, kò gbọ́. Nígbà tó wọ yunifásítì, iṣẹ́ ilé kíkọ́ yẹn náà ló lọ kọ́. Ní báyìí, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ni ní iléeṣẹ́ kan ní Kaduna. Kò gbé búlọ́ọ̀kù. Òun ló ń sọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé e, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ̀gbọ́n mi a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹnu lásán ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún ọmọ òun. Irọ́ ni, inú rẹ̀ ń dùn.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà nítòsí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà kan, àwọn ará àdúgbò dá iṣẹ́ ilé ìkàwé sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ògiri ga kọjá fèrèsé, iṣẹ́ sì dúró síbẹ̀. Ewúrẹ́ gba inú rẹ̀. Ọdún yìí ni Zulaykha ní òun yóò parí rẹ̀. Ó rí ẹni tó fún wọn ní páànù àti igi òrùlé, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jọ, ó sì lọ bẹ àwọn bírikìlà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n wá ṣe é nítorí Ọlọ́run. Gbogbo wọn gbà. Ohun tó sì wà lọ́kàn gbogbo wọn ni pé orí ògiri Alájì ni òrùlé máa jókòó lé.

Zulaykha nìkan ló mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, ó ti wo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò lè gbé òrùlé, wíwó ni wọ́n gbọ́dọ̀ wó o.

Kò yájú o. Ó ṣe é bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Jímọ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ṣàlàyé ohun tó rí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ṣe bí o ṣe mọ̀." Ta ni Yorùbá tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ó sàn kí ó bú u. Tí Alájì bá dìde kúrò ní ìpàdé iṣẹ́ tí Zulaykha pè sí ọjọ́ kejì, kò sí bírikìlà tí yóò jókòó. Àwọn ọmọ yunifásítì ò lè to búlọ́ọ̀kù, ọ̀gá ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Gilbert, sì ti sọ ọ́ kedere pé tí iṣẹ́ ò bá bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dé, wọ́n máa fi ilẹ̀ náà ṣe nǹkan mìíràn. Ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba ọmọ mi nìyẹn.

Abẹ́ igi dongoyaro inú ọgbà ilé ìwé náà la jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi wọ jálàbíà funfun, ó jókòó síwájú pátápátá, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Zulaykha dúró, ògiri náà wà lẹ́yìn òun náà. Hausa ló fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń tún un sọ lédè Òyìnbó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ó kí wa, kò sì fi ìkíni jẹ àkókò. Ó ní, "Àwọn ọmọ ilé ìwé yìí ń kàwé lórí ilẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún wọn wà nínú páálí, ikán ti ń jẹ ẹ́. Ìdí tí a fi wá nìyẹn. Yàrá kan là ń kọ́. Yóò ní ilẹ̀kùn méjì, fèrèsé ńlá ní àríwá àti ní gúúsù kí oòrùn má bàa wọlé sórí ìwé, àti pẹpẹ tó jìnnà sí ilẹ̀. Ohun tí a ò ní kọ́ náà wà: a ò kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà, a ò kọ́ ọ́fíìsì."

Ọ̀gbẹ́ni Gilbert nawọ́. Ó ní ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè fi ọ́fíìsì kékeré kan kún un.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kò sí. Tí a bá fi kún un lónìí, ẹlòmíràn á tún fi kún un lọ́la, òjò á sì bá wa láìní òrùlé. Ẹ jẹ́ kí a parí ọ̀kan."

Mo rí i pé ohùn rẹ̀ ti ń le bọ̀. Ó sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe tẹ̀léra. Omi ló ṣáájú, nítorí kànga ilé ìwé máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, búlọ́ọ̀kù tuntun sì gbọ́dọ̀ mu omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ó lè le. Tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, kò bá tíì kó omi dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ po sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn omi ni ìpìlẹ̀, lẹ́yìn ìpìlẹ̀ ni ògiri, lẹ́yìn ògiri ni kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀, tó máa yí orí ògiri po kí ìjì àkọ́rọ̀ òjò má bàa ká òrùlé lọ. Ó ní ààwẹ̀ yóò bá wa lẹ́nu iṣẹ́, torí náà àwọn tó ń gbààwẹ̀ yóò ṣe tàárọ̀ kí oòrùn tó mú, àwọn yòókù yóò gba ọ̀sán. Ó yan Umar, àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ṣe olórí ògiri. Inúolúwa, ọmọbìnrin kan láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ló ń ṣètò ẹni tó ń wá àti ẹni tí kò ní lè wá.

Ó ní, "Ẹ tún gbọ́ èyí. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu níbí, kódà bó jẹ́ òun ló kéré jù, kí ó sọ pé kí iṣẹ́ dúró. Yóò dúró. A ò ní bi í pé ọmọ ta ni."

Àwọn àgbà bírikìlà wojú ara wọn. Kí ọmọdé dá wọn dúró kẹ̀? Èmi gan-an ò fara mọ́ ọn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́.

Umar ló wá bèèrè ohun tí gbogbo wa ń retí. Ó ní, "Hajiya, o sọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀, àbí? Ògiri náà ti wà."

Zulaykha mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ jáde nínú àpò. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà ha ara búlọ́ọ̀kù kan. Kò fi agbára hà á rárá. Iyẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀ wùùrù, gbogbo wa ń wò ó.

Ó ní, "Sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kéré, kò sì mu omi tó. Mo gbẹ́ ìdí rẹ̀, ìpìlẹ̀ ò dé ilẹ̀ líle. Kò sí irin ní igun kankan. Tí a bá gbé kọnkéré àti òrùlé lé e, ó lè wó lu àwọn ọmọ. Wíwó la máa kọ́kọ́ wó o."

Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, kò mira. Inú bí mi sí ọmọ náà, mo sì ń ṣàánú rẹ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Inúolúwa nawọ́. Kò mọ nǹkan kan, àlejò ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn wo ló kọ́ ọ, kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀?"

Zulaykha ní, "Àwọn bírikìlà ìgbà yẹn ni. Ohun èlò ò tó wọn."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi dìde.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dìde tẹ̀lé e, bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n máa ṣe. Bẹ́ńṣì ń dún. Mo di etí aṣọ mi mú. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ó ti tán, ohun tí mo ń sọ nínú mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yíjú sí ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Yorùbá ló sì fi bá a sọ̀rọ̀, èdè tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sọ níta.

"Zulaykha. Ọmọbìnrin yẹn bi ọ́ ní ìbéèrè. Ta ló kọ́ ògiri yìí?"

"Bàbá, mo ti dáhùn."

"Mo ní ta ló kọ́ ọ?"

Mo rí i tó wo àwọn bírikìlà tó wà ní òró, tó wo ògiri, tó wo èmi náà. Mo mi orí sí i pé kí ó má sọ ọ́. Bí mo bá lè fò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ǹ bá fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ tó hà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Kò dára."

Kò fi ohùn kékeré sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá gbọ́ ọ, àwọn tí kò gbọ́ ọ rí i lójú wa. Umar, tí kò gbọ́ ju "Bàbá" lọ, gbé ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí àwọn ènìyàn. Hausa ló fi sọ ọ́ fún wọn. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọmọ mi sọ fún mi pé kò dára, lójú gbogbo yín. Ẹni tó lè sọ ìyẹn fún èmi, kò ní tan ẹnikẹ́ni nínú yín jẹ. Tó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó.

Zulaykha dìde, ó gbọn eékún rẹ̀. Ó ní láàárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í wó o láti òkè wá sílẹ̀, pé kí ọmọ ilé ìwé kankan má súnmọ́ ibẹ̀. Ó ní ṣé ìbéèrè mìíràn wà. Kò sí.

Nígbà tí wọ́n túká, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ńṣì. Àwọn yòókù ti lọ wo ibi tí wọ́n máa kó iyanrìn sí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹ mọ̀ mí, mo ní ọmọ yẹn tẹ́ ẹ, mo ní mo máa bá a wí.

Ó ní, "Má bá a wí. Ó dùn mí, Suwebat. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti fi 'àwọn bírikìlà ìgbà yẹn' bò mí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ó tún parọ́ nítorí mi lẹ́ẹ̀kejì ni, ǹ bá ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ sílé."